Mẹ́mò tó ń kéde ìpinnu àwọn alákòóso: àṣẹ wo ló yẹ kí n tọ́ka sí?

Akọ̀wé Békìrì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn, àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025, ọ̀gá àgbà àti àwọn máníjà mẹ́rin ṣe ìpàdé àwọn alákòóso, èmi ni mo sì kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gba àkókò jù ni ti àwọn kéréètì oníke tí a fi ń kó búrẹ́dì, nítorí èyí tí a kò rí mọ́ láàárín oṣù mẹ́ta ti lé ní ọgọ́ta. Wọ́n pinnu pé láti oṣù Igbe, a ó máa yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣooṣù nínú owó gbogbo àwọn tó jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí kéréètì bá sọnù, títí owó kéréètì yóò fi pé. Ọ̀gá wá ní kí n kọ mẹ́mò, kí n sọ nínú rẹ̀ pé ìpàdé ló fọwọ́ sí i, kí n sì “fi òfin tì í lẹ́yìn.”

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: “A ń fi tó gbogbo òṣìṣẹ́ létí pé àwọn alákòóso ti pinnu nínú ìpàdé wọn pé, ní ìbámu pẹ̀lú Òfin Iṣẹ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kéréètì bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ tẹ̀ lé e.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi kò sì balẹ̀. N kò mọ ibi tí òfin náà ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀ bóyá ìpàdé ni kí n pè ní àṣẹ, tàbí òfin, tàbí ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ wa ti ọdún 2019. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kó ẹrù ló máa ń ka Yorùbá dáadáa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí náà a máa ń lẹ méjèèjì mọ́ pátákó ìkéde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Àǹtí, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀ nípa yíyọ owó nínú owó oṣù. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé “gẹ́gẹ́ bí abala 5 Òfin Iṣẹ́ ti yọ̀ǹda,” kí ẹ fi déètì ìpàdé sí i, kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i. Ibi iṣẹ́ méjì ni mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ajàfẹ́tọ̀ọ́ Òṣìṣẹ́

Arábìnrin mi, ẹ má fọwọ́ sí ìwé náà o! Kò sí ẹni tó lè fi tipátipá yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú owó yín nítorí kéréètì. Ẹ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ yín jọ, kí ẹ jọ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín pé ẹ kò gbà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Akọ̀wé Békìrì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n fẹ́ yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé tí a ó fi kéde rẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Orúkọ mi ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ ohun tí mò ń kọ.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o kú àníyàn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ní Agodi kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì kọ irú mẹ́mò bẹ́ẹ̀ kọjá iye tí mo lè kà. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ọ́. Àwọn tó mọ òfin iṣẹ́ aládàáni jù mí lọ yóò sọ tiwọn.

Àṣẹ méjì ló máa ń wà nínú irú ìwé yìí, o sì ti lọ́ wọn pọ̀ mọ́ra nínú gbólóhùn kan. Èkíní ni àṣẹ tí àwọn alákòóso fi lè jókòó, kí wọ́n sì pinnu ohun tó bá di dandan fún òṣìṣẹ́. Ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ tàbí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni a ti ń rí èyí. Èkejì ni àṣẹ tó jẹ́ kí ohun tí wọ́n pinnu gan-an bófin mu. Ìpàdé kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ibi tí a ti ṣe ìpinnu ni ìpàdé jẹ́, ó sì yẹ kí o dárúkọ rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹnì kan, ṣùgbọ́n “ìpàdé ti pinnu” kò tíì dáhùn ìbéèrè ẹni tó bá béèrè pé kí ló fún ìpàdé náà lágbára.

Bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni pé, “A pa á láṣẹ fún mi láti fi tó yín létí pé àwọn alákòóso, nínú ìpàdé wọn kẹtàdínlógún tó wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà, gbé ọ̀rọ̀ báyìí báyìí yẹ̀ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé…” Wo bí gbólóhùn yẹn ṣe dáàbò bo ẹni tó kọ ọ́. Ó fi hàn pé wọ́n rán ọ ni, ó sọ ẹni tó pinnu, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n pinnu àti ìpàdé tí wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wádìí lè lọ sínú fáìlì, yóò sì bá a níbẹ̀. Mẹ́mò tìrẹ kò ní nọ́ńbà ìpàdé, kò sì ní déètì kankan.

Kí o tó kọ ohunkóhun, yọ ìpinnu náà jáde nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, kí alága ìpàdé fọwọ́ sí àyọkà yẹn, kí o sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì mẹ́mò. Lára àyọkà yẹn ni kí o ti kọ mẹ́mò, má kọ ọ́ láti orí. Mo rí i pé o ti ṣe àṣìṣe yìí ná: ìpinnu tí o sọ fún wa ni pé a ó yọ owó lọ́wọ́ “gbogbo àwọn tó jọ wà lẹ́nu iṣẹ́,” ṣùgbọ́n mẹ́mò rẹ sọ pé “ẹnikẹ́ni tí kéréètì bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ méjì tó jìnnà síra nìyẹn. Bóyá tìrẹ tilẹ̀ sàn ju tiwọn lọ, àmọ́ ìwọ kọ́ lo ni ìpinnu náà, o kò sì ní agbára láti tún un ṣe nínú mẹ́mò.

Ohun kan tún wà. Má ṣe kọ ẹni tó dá àbá, ẹni tó ta kò ó, tàbí ohun tí àwọn máníjà fi bá ara wọn jiyàn sínú mẹ́mò. Inú àkọsílẹ̀ ìpàdé ni ìyẹn ń gbé. Mo ti rí ọ́fíìsì kan tí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni báyìí kò fara mọ́ ọn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òṣìṣẹ́ ti pín sí méjì.

Ìyá Pẹsọnẹ́ẹ̀lì

Mo júbà Bàbá. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà nídìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dá Ọmọ Ọ́fíìsì lóhùn, nítorí abala tó mú wá ni abala tó yẹ, ohun tó sọ pé ó wà nínú rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin Iṣẹ́, èyí tó jẹ́ Orí L1 nínú Àkójọpọ̀ Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2004, bẹ̀rẹ̀ abala 5 rẹ̀ pẹ̀lú ìdènà. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó kankan nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ àyàfi èyí tí Òfin yẹn fúnra rẹ̀ tàbí òfin mìíràn bá gbà láyè ní gbangba. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé “abala 5 yọ̀ǹda” ti gbé ilẹ̀kùn tí a tì, ó ń pè é ní ọ̀nà. Ẹsẹ̀ 2 nínú abala kan náà ni àyè díẹ̀ wà fún irú ọ̀ràn tiyín. Ó ní agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tó bá mọ níwọ̀n nítorí òfò tí òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. A máa ń bá wọn ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìgbanisíṣẹ́.

Àǹtí Akọ̀wé, ẹ gbé ìpinnu yín ka iwájú ẹsẹ̀ yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyọ̀ǹda náà gbọ́dọ̀ ṣáájú yíyọ owó, ìpàdé yín kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà, ìwà tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni òfin ń sọ. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí kéréètì mẹ́rin sì sọnù, a kò tíì mọ ẹni tó ṣàìbìkítà nínú wọn. Bí a bá pín owó náà lé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí, a jẹ́ pé àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ń san gbèsè ẹlòmíràn. Ibi tí ìpinnu yín ti kọsẹ̀ jù nìyí, kò sì sí bí a ṣe lè kọ mẹ́mò náà tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ 7 nínú abala yẹn náà ṣe pàtàkì. Ó ní gbogbo owó tí a bá yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó oṣù yẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣìṣẹ́ kan tó ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà ṣe àpẹẹrẹ. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Lábẹ́ Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìyẹn ₦7,200 bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó náà. Bó bá tún ń dá ₦15,000 sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ọ́fíìsì, ₦22,200 ti jáde. Bí ẹ bá wá fi ₦10,000 ti kéréètì lé e, ó di ₦32,200, ẹ sì ti fi ₦2,200 kọjá ààlà. Iye kan náà tí ìpàdé dá fún gbogbo ènìyàn láìwo ohun tó ti ń jáde nínú owó wọn tẹ́lẹ̀ kò lè bá gbogbo wọn mu.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Màmá, ẹ ṣeun. Mo gbà pé mo ka orí abala náà, n kò ka inú rẹ̀. Àmọ́ ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé owó alájẹṣẹ́kù wà lára ohun tí a ń kà mọ́ ìdá yẹn? Òṣìṣẹ́ ló fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n máa yọ ọ́, owó rẹ̀ náà sì ni. Lójú tèmi, ohun tí agbanisíṣẹ́ ń yọ fún ara rẹ̀ ló yẹ kí a kà.

Ìyá Pẹsọnẹ́ẹ̀lì

Mo mọ àwọn tó ń kà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ̀ 7 ni “àpapọ̀ iye tí a yọ,” kò sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ní ṣẹ̀ sí òfin, ẹni tó bá yọ alájẹṣẹ́kù kúrò lè ṣẹ̀ sí i.

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ó jọ èyí. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Wọ́n lẹ mẹ́mò kan ní ọjọ́ 20 oṣù pé àwọn alákòóso ti pinnu pé owó ni a ó máa yọ lọ́wọ́ olùkọ́ tó bá dé lẹ́yìn aago méje ààbọ̀. Nígbà tí owó oṣù dé, wọ́n ti yọ owó ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ mi, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé náà. Mo lọ béèrè, wọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù ni ìpàdé wáyé. Mo ní, “Ẹ̀yin wà nínú ìpàdé náà, èmi kò sí níbẹ̀.” Wọn kò dá owó náà padà fún mi, ó sì dùn mí títí di òní, kì í ṣe nítorí iye rẹ̀, bí kò ṣe pé wọ́n fìyà ohun tí n kò mọ̀ jẹ mí. Ẹ jọ̀wọ́, Àǹtí Akọ̀wé, ẹ kọ ọjọ́ tí ìlànà náà yóò bẹ̀rẹ̀ kedere.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ti tọ́ka sí ohun tí mo gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ hàn nínú mẹ́mò, wọn kò sì gbọdọ̀ dàrú mọ́ ara wọn: ọjọ́ tí ìpàdé wáyé, ọjọ́ tí a kọ mẹ́mò, àti ọjọ́ tí ìpinnu náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kẹta yìí gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn èkejì, ó kéré tán fún ohunkóhun tó bá lè ná òṣìṣẹ́ lówó. Ọmọ mi, wo ìwé ìlànà yín bóyá ó sọ iye ọjọ́.

Akọ̀wé Békìrì

Mo ti wò ó, Bàbá. Abala 9 ìwé ìlànà wa sọ pé àwọn alákòóso lè ṣe àtúnṣe sí ìlànà iṣẹ́ nínú ìpàdé tí ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn bá wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìwé tó òṣìṣẹ́ létí ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé wa parí ní ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe. Bí mo tilẹ̀ lẹ mẹ́mò lọ́jọ́ ìpàdé gan-an, kò lè pé ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìyá Pẹsọnẹ́ẹ̀lì

Ẹ ti rí àṣẹ àkọ́kọ́ tí Bàbá ń sọ nìyẹn, abala 9 ni, ẹ sì ti rí i pé àṣẹ náà wá pẹ̀lú àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ mú ṣẹ. Ẹni tó bá tọ́ka sí abala 9 láti fi hàn pé ìpàdé lágbára ti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé ọgbọ̀n ọjọ́ gbọ́dọ̀ pé. Òfin Iṣẹ́ náà, ní abala 7, béèrè pé kí agbanisíṣẹ́ fi ìwé sọ àyípadà tó bá bá àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, ó pẹ́ tán láàárín oṣù kan lẹ́yìn àyípadà náà. Ìwé ìlànà yín ṣe dáadáa fún òṣìṣẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ tẹ̀ lé ti ìwé ìlànà.

Alága Àdúgbò

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ìpinnu ìpàdé kì í ṣe ìpinnu títí ìpàdé tó tẹ̀ lé e yóò fi ka àkọsílẹ̀, tí wọ́n yóò sì fọwọ́ sí i. Bí a ṣe ń ṣe nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa nìyẹn. Àǹtí, ẹ dúró de ìpàdé tó ń bọ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun, Alága, ṣùgbọ́n n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìpàdé tó tẹ̀ lé e ń fọwọ́ sí ni pé ohun tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ìpinnu fúnra rẹ̀ ti dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àyàfi bí òfin ẹgbẹ́ yín bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kò ní lè ra ìyẹ̀fun. Ìdí tí mo fi ní kí alága fọwọ́ sí àyọkà ni pé kí a lè ṣiṣẹ́ lórí ìpinnu láìdúró de ìpàdé mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

Alága Àdúgbò

Ti ẹgbẹ́ wa wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́, Bàbá. Mo rò pé ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́.

Akọ̀wé Békìrì

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe báyìí? Mo ti rí i pé n kò lè kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo bá máníjà tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rù sọ̀rọ̀, ó ní kò sí wàhálà, kí n kàn yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náà kúrò, kí n kọ “iye tó bá yẹ.”

Bàbá Fẹ̀yìntì

Rárá, ọmọ mi. Ènìyàn márùn-ún ló pinnu, ẹnì kan nínú wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu tún un ṣe lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá kọ “iye tó bá yẹ,” mẹ́mò rẹ yóò máa sọ ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Dá a padà fún alága ìpàdé pẹ̀lú ìwé pélébé kan, ojú ewé kan péré. Kọ ìpinnu náà bó ṣe wà nínú àyọkà, kọ abala 9 sísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò ọjọ́, kọ ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 7 ti abala 5, fi ìṣirò ₦90,000 tí Màmá ṣe sí i, kí o sì béèrè pé kí àwọn alákòóso sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí o tẹ̀síwájú. Má kọ ọ́ pé wọ́n ṣàṣìṣe. Ìṣirò yẹn yóò sọ ọ́ fún wọn. Iṣẹ́ akọ̀wé ni kí ó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn kí ìwé tó jáde, nítorí lẹ́yìn tó bá ti wà lára pátákó, ilé iṣẹ́ ni yóò máa dáhùn fún un.

Akọ̀wé Békìrì

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí. Inú ọ̀gá kò kọ́kọ́ dùn, ó ní ṣé èmi ni agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka ìṣirò náà, ó pe ìpàdé kúkúrú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn márààrún sì wà níbẹ̀. Wọ́n fagi lé ìpinnu kẹrin ti ìpàdé kẹtàdínlógún, wọ́n sì ṣe òmíràn. Mẹ́mò tó wà lára pátákó wa báyìí nìyí, mo ti gba ìyọ̀ǹda láti fi hàn yín láìdárúkọ ilé iṣẹ́:

> Nọ́ńbà: ÌA/18/1
> Ọjọ́: Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025
> Láti ọ̀dọ̀: Akọ̀wé, ní orúkọ àwọn alákòóso
> Sí: Gbogbo òṣìṣẹ́
> Kókó ọ̀rọ̀: Bí a ó ṣe máa gba kéréètì búrẹ́dì jáde, àti bí a ó ṣe máa dá a padà
>
> A pa á láṣẹ fún mi láti fi tó yín létí pé àwọn alákòóso, nínú ìpàdé wọn kejìdínlógún tó wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025, gbé ọ̀rọ̀ kéréètì tó ń sọnù yẹ̀ wò, wọ́n sì fi agbára tí abala 9 ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ ti ọdún 2019 fún wọn pinnu báyìí:
>
> Ẹni tó bá gba kéréètì jáde ní ilé ìkẹ́rù yóò fọwọ́ sí iye tó gbà nínú rẹ́jísítà, yóò sì tún fọwọ́ sí iye tó dá padà, lójú alábòójútó ilé ìkẹ́rù.
>
> Bí iye tó padà bá dín, a ó ṣe ìwádìí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, a ó sì gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó lè mú òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá.
>
> A kò ní yọ owó kankan nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni nítorí kéréètì àyàfi bí ìwádìí bá fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ fa òfò náà tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ ìyọ̀ǹda rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí abala 5, ẹsẹ̀ 2, Òfin Iṣẹ́ ti béèrè. Àpapọ̀ owó tí a bá yọ lóṣù kan kò ní kọjá ààlà tí ẹsẹ̀ 7 abala náà fi lélẹ̀.
>
> Ìlànà yìí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22 oṣù Igbe, 2025. Kò kan kéréètì tó ti sọnù ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹ̀dà ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ wà lọ́dọ̀ mi fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Nọ́ńbà òkè yẹn, ìpàdé kejìdínlógún, ìpinnu kìíní, ni mo fi ṣe é kí ẹni tó bá wá lẹ́yìn mi lè rí àyọkà rẹ̀ nínú fáìlì. Láti ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà sí ọjọ́ 22 oṣù Igbe lé ní ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí ọjọ́ tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde.

Tíṣà Ìjẹ̀bú

“Kò kan kéréètì tó ti sọnù ṣáájú ọjọ́ yẹn.” Ẹ ṣeun fún gbólóhùn yẹn.

Ìyá Pẹsọnẹ́ẹ̀lì

Ó dára gan-an. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba náà nígbà tí ẹ bá ń lọ. Abala 91 Òfin Iṣẹ́ sọ àwọn tí a kò kà mọ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso tàbí iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wà lára wọn, aṣojú àti aṣojú ọjà náà sì wà níbẹ̀, ní ìwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ wọn bá ń wáyé níta ibi iṣẹ́ àgbanisíṣẹ́. Àwọn tó ń bá ọkọ̀ yín ta búrẹ́dì káàkiri ìlú ńkọ́? Ṣé awakọ̀ tó ń gbé ẹrù ni wọ́n, àbí aṣojú ọjà tó ń gba owó lórí ohun tó bá tà?

Akọ̀wé Békìrì

Wọ́n ń gba owó oṣù, Màmá, wọ́n sì tún ń gba owó lórí búrẹ́dì tí wọ́n bá tà.

Ìyá Pẹsọnẹ́ẹ̀lì

Èyí gan-an ló mú kí ó ta kókó. Mẹ́mò yín ti ṣe ìlérí fún gbogbo òṣìṣẹ́ láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, nítorí náà ìlérí náà dì yín mú fún wọn, yálà Òfin Iṣẹ́ kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́ tàbí kò kà wọ́n. Ohun tí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba náà yóò gbà láti kọ ìyọ̀ǹda lórí ọ̀ràn wọn, bó bá ní wọn kò sí lábẹ́ Òfin náà. Ẹ mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn dání.

Akọ̀wé Békìrì

Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń lọ. N ó mú ti awakọ̀ kan àti ti ẹnì kan ní ilé ìkẹ́rù dání, n ó sì wá sọ ohun tí wọ́n bá wí fún yín.